Fíréèmù Ìdádúró lórí Súwíìṣì: Ìgbà Tó Yẹ Ká Tàn Án àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Pa Á

Ẹni tó bá ti wọ ojú ìwé ètò súwíìṣì kan rí yóò ti rí ìlà tí wọ́n kọ `Flow Control` sí, èyí tí a lè tàn tàbí kí a pa fún pọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ a máa fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a, nítorí pé àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í sábà ju gbólóhùn kan lọ, gbólóhùn náà a sì máa ṣèlérí pé dátà kò ní sọnù mọ́. Ìlérí náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò sọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ìfiwéra yìí wà fún alábòójútó nẹ́tíwọ̀kì tó fẹ́ mọ ohun tí yóò jèrè àti ohun tí yóò pàdánù bó bá tàn án, bó bá pa á, tàbí bó bá lo irú rẹ̀ tó jẹ́ ti ìpele-ìpele tí à ń pè ní PFC.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ìṣòro kan ṣoṣo. Bí fíréèmù, ìyẹn ìdì dátà kọ̀ọ̀kan tó ń gba orí wáyà, bá ń wọ inú súwíìṣì ju bí wọ́n ṣe lè jáde lọ, àpọ̀jù wọn yóò kọ́kọ́ dúró nínú bọ́fà, ìyẹn ìrántí kékeré tí súwíìṣì ń fi í pamọ́ sí. Bọ́fà yìí kì í tóbi. Nínú ọ̀pọ̀ súwíìṣì kékeré oní-pọ́ọ̀tì mẹ́jọ tí à ń rà fún ọ́fíìsì, nǹkan bí 192 KB ni gbogbo pọ́ọ̀tì jọ ń pín. Bí dátà bá ń wọlé ní 1 Gb/s tó sì ń jáde ní 100 Mb/s, bọ́fà náà yóò kún láàárín nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdù méjì, ìyẹn ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì péré ló kù: kí súwíìṣì da èyí tó bá tún dé nù, tàbí kó sọ fún ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ pé kó dúró ná. Fíréèmù ìdádúró ni ọ̀nà kejì, òun sì ni `Flow Control` ń tàn tàbí pa.

Ohun tí fíréèmù náà ń sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Ìlànà IEEE 802.3x, tó jáde ní 1997, ló fi fíréèmù ìdádúró kún Ẹ́tánẹ́ẹ̀tì, ó sì wà fún kìkì ìsopọ̀ tí ìhà méjèèjì ti lè fi dátà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Báìtì 64 péré ni gbogbo rẹ̀. Àdírẹ́sì tó ń lọ ni `01-80-C2-00-00-01`, àmì irú rẹ̀ ni `0x8808`, àmì àṣẹ rẹ̀ sì ni `0x0001`. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni nọ́ńbà kan láti 0 dé 65535 tó ń sọ bí ìdádúró náà yóò ṣe pẹ́ tó. A kì í fi ìṣẹ́jú àáyá ka nọ́ńbà yìí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ àkókò tí bíìtì 512 fi ń kọjá lórí ìsopọ̀ náà, nítorí náà iye àkókò tó dúró fún yàtọ̀ láti ìyára kan sí èkejì. Lórí 1 Gb/s, nọ́ńbà tó tóbi jù lọ jẹ́ nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdù 33.6, lórí 100 Mb/s ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 0, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó dúró tún máa bá iṣẹ́ lọ láìdúró kí àkókò pé.

Fíréèmù yìí kì í kọjá ìsopọ̀ kan ṣoṣo. Súwíìṣì tó bá gbà á kì í gbé e fún ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí bí kọ̀ǹpútà kan ṣe lè fi í bá kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn súwíìṣì sọ̀rọ̀ ní tààrà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ìpinnu wa ni pé kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí a lè kọ orúkọ ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dí sí. Kò lè sọ pé kí a dá àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni báyìí dúró, kí àwọn tó kù máa bọ̀. Gbogbo ohun tó lè sọ ni pé kí gbogbo ohun tó ń gba orí wáyà yìí dúró.

Ibẹ̀ ni ìdínà orí ìlà ti ń wá. Ẹ wo ilé epo kan tó ní ìlà kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ gba dísù wà níwájú, tí ẹ̀rọ dísù sì ń rọ díẹ̀díẹ̀: àwọn tó fẹ́ gba pẹtiróòlù wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ pẹtiróòlù ṣófo, síbẹ̀ wọn kò lè dé ìdí rẹ̀. Kì í ṣe epo ló wọ́n. Ìlà tó jẹ́ ẹyọ kan ló ń dá wọn dúró. Fíréèmù ìdádúró ń sọ gbogbo wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ súwíìṣì di irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Sáfà kan, kọ̀ǹpútà méjì

Ká mú ọ́fíìsì kan tí sáfà fáìlì rẹ̀ so mọ́ súwíìṣì lórí 1 Gb/s. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn fóònù orí tábìlì àtijọ́ kan tó jẹ́ pé 100 Mb/s ni pọ́ọ̀tì rẹ̀ lè gbé, irú èyí tí a fi ń dín iye wáyà tó ń wọ orí tábìlì kù. Kọ̀ǹpútà kejì so mọ́ súwíìṣì ní tààrà lórí 1 Gb/s. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gba fáìlì ńlá láti orí sáfà lásìkò kan náà, sáfà sì ń fi fíréèmù kan sí èkíní, ọ̀kan sí èkejì.

Fíréèmù oní-báìtì 1500, pẹ̀lú gbogbo ohun tó yí i ká lórí wáyà, jẹ́ báìtì 1538. Ó gba máíkírósẹ́kọ́ǹdù 12.3 láti kọjá lórí 1 Gb/s, ó sì gba 123 lórí 100 Mb/s. Bí ìdádúró bá wà ní títàn, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyí. Fíréèmù tó ń lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ yóò máa jọ nínú bọ́fà títí wọn yóò fi kan ààlà tí súwíìṣì fi lélẹ̀. Súwíìṣì yóò fi fíréèmù ìdádúró ránṣẹ́ sí sáfà, sáfà yóò sì dúró. Nígbà tí bọ́fà bá rọ̀ díẹ̀, súwíìṣì yóò ní kó máa bọ̀, sáfà yóò tún fi fíréèmù kan sí èkíní àti ọ̀kan sí èkejì, ìdádúró yóò sì tún dé. Bọ́fà kò lè rọ̀ ju bí pọ́ọ̀tì 100 Mb/s ṣe ń gbé fíréèmù jáde lọ, ìyẹn ẹyọ kan ní máíkírósẹ́kọ́ǹdù 123. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọ̀kan-ọ̀kan ni sáfà ń fi wọ́n ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà kejì náà yóò máa rí fíréèmù kan ṣoṣo gbà ní máíkírósẹ́kọ́ǹdù 123. Báyìí ni kọ̀ǹpútà tí wáyà rẹ̀ lè gbé 1 Gb/s ṣe ń gba 100 Mb/s, nítorí fóònù tó wà lórí tábìlì ẹlòmíràn.

Bí ìdádúró bá wà ní pípa, súwíìṣì yóò da díẹ̀ nù nínú àwọn fíréèmù tó ń lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. TCP tó wà lórí sáfà, ìyẹn ìlànà tó ń rí sí i pé gbogbo dátà dé ọ̀dọ̀ olùgbà, yóò rí i pé dátà kan kò dé, yóò sì dín ìyára ìsopọ̀ yẹn nìkan kù títí yóò fi bá 100 Mb/s mu. Àyè tó bá ṣẹ́ kù lórí wáyà sáfà yóò wá di ti kọ̀ǹpútà kejì. Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti orí ìwé, kí a tó yọ ohun tí àwọn àkọlé fíréèmù ń jẹ:

| | Ìdádúró wà ní títàn | Ìdádúró wà ní pípa |
|---|---|---|
| Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ (100 Mb/s) | nǹkan bí 100 Mb/s | nǹkan bí 100 Mb/s |
| Kọ̀ǹpútà kejì (1 Gb/s) | nǹkan bí 100 Mb/s | nǹkan bí 900 Mb/s |
| Fíréèmù tó sọnù | kò sí | díẹ̀, TCP yóò tún un fi ránṣẹ́ |
| Ìlò wáyà sáfà | 200 nínú 1000 Mb/s | ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún |

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìdádúró kò fi ohunkóhun kún ìyára kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí a torí rẹ̀ tàn án. Ohun tó ṣe ni pé ó fi àmì tí ọ̀pọ̀ TCP ń wò pamọ́. Irú èyí tí ọ̀pọ̀ Línúùsì ń lò, tí a ń pè ní `cubic`, a máa fi fíréèmù tó sọnù mọ̀ pé ojú ọ̀nà ti kún. Bí kò bá sí èyí tó sọnù, yóò gbà pé àyè ṣì wà, yóò sì máa fi kún ohun tó ń tì sójú ọ̀nà. Àwọn dátà náà yóò wá jókòó sínú ìrántí sáfà, níwájú ti àwọn ẹlòmíràn.

Ààlà kan wà fún àpẹẹrẹ yìí. Bí fèrèsé ìgbàwọlé TCP ti kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ìyẹn iye dátà tó gbà kó wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, bá kéré débi tí gbogbo rẹ̀ fi lè wọ inú bọ́fà súwíìṣì láìkan ààlà ìdádúró, fíréèmù ìdádúró kankan kò ní jáde, kọ̀ǹpútà kejì kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi lè fi ìdádúró sí títàn fún ọdún púpọ̀ láìrí wàhálà, tí wàhálà á sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba fáìlì mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí dída nù ti burú ju dídúró lọ

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka apá òkè yìí kó wá pa ìdádúró níbi gbogbo. Ibì kan wà tí títàn rẹ̀ ti mọ́gbọ́n dání dáadáa: orí ìsopọ̀ tí gbogbo ohun tó ń gbà á kọjá ń lọ sí ibì kan náà.

Ká ní sáfà kan ní káàdì 10 Gb/s, tó sì ń fi ẹ̀dà ìpamọ́ dátà ránṣẹ́ sí àpótí ìpamọ́ tó wà lórí 1 Gb/s. Káàdì ìgbàlódé kì í fi fíréèmù ránṣẹ́ ní ẹyọ-ẹyọ pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn. Ẹ̀rọ sáfà a máa fún un ní dátà tó tó 64 KB lẹ́ẹ̀kan, káàdì á gé e sí fíréèmù, á sì tú gbogbo rẹ̀ sórí wáyà ní ìyára 10 Gb/s. Àpọ̀jù tó ń wọ súwíìṣì nígbà náà jẹ́ 9 Gb/s. Bọ́fà 1.5 MB, tó tóbi ju ti àwọn súwíìṣì kékeré lọ, yóò kún láàárín nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdù 1.4.

Fíréèmù tó bá sọnù láàárín ìtújáde bẹ́ẹ̀ kì í sábà fa wàhálà púpọ̀, nítorí pé àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò jẹ́ kí olùgbà sọ pé ọ̀kan kò dé, TCP yóò sì tún un fi ránṣẹ́ kíákíá. Èyí tó burú ni kí apá ìparí ìtújáde náà sọnù, tàbí kí gbogbo rẹ̀ sọnù pọ̀. Kò sí ohun tó dé lẹ́yìn wọn tó lè fi hàn pé wọ́n sọnù, nítorí náà TCP lè ní láti dúró títí aago rẹ̀ yóò fi dún. Lórí Línúùsì, aago yìí kì í kéré sí mílísẹ́kọ́ǹdù 200. Láàárín àkókò yẹn, wáyà 1 Gb/s ì bá ti gbé 25 MB. Àwọn Línúùsì tuntun ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wò bóyá ìparí ìtújáde ti sọnù kí aago tó dún, èyí sì ń dín ìṣòro náà kù, àmọ́ kò mú un kúrò pátápátá nígbà tí bọ́fà bá kéré tí àwọn tó ń fi dátà ránṣẹ́ sí àpótí kan ṣoṣo sì pọ̀.

Níhìn-ín, fíréèmù ìdádúró ń sọ fún sáfà pé kó fi dátà náà sínú ìrántí tirẹ̀, tó ju ti súwíìṣì lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn dátà náà tí a dí lọ́nà, nítorí pé àpótí ìpamọ́ nìkan ni sáfà ń bá sọ̀rọ̀ lórí pọ́ọ̀tì yẹn. Ìsopọ̀ iSCSI, ìyẹn ọ̀nà tí sáfà fi ń bá àpótí ìpamọ́ sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, tó dá wà lórí súwíìṣì tirẹ̀ jẹ́ irú èyí, bí kò bá sí àpótí mìíràn tó yára lẹ́yìn èyí tó lọ́ra.

Ọ̀rọ̀ "dá wà" ni gbogbo ìpinnu náà rọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ tí pọ́ọ̀tì 10 Gb/s kan náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín fáìlì fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀dà ìpamọ́ tó ń lọ lóru tàbí lọ́sàn-án yóò máa dá gbogbo wọn dúró. Bí sáfà náà bá ní pọ́ọ̀tì méjì, ohun tí mo máa ń dá lábàá ni kí ọ̀kan jẹ́ ti ìpamọ́ pẹ̀lú ìdádúró ní títàn, kí èkejì jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ìdádúró ní pípa. Èyí dára ju kí a máa wá iye kan tí yóò tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn lórí pọ́ọ̀tì kan.

Ta ló ń sọ, ta ló ń gbọ́

Títàn àti pípa kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, nítorí pé iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìdádúró: fífi fíréèmù náà ránṣẹ́, àti gbígbọ́ràn sí i nígbà tó bá dé. A lè tàn ọ̀kan kí a pa èkejì, ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó dára sì wà nínú ìyàtọ̀ yìí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fi ìdádúró ránṣẹ́ sí súwíìṣì, ohun tó ń sọ ni pé òun kò lè gba dátà mọ́ fún ìgbà díẹ̀, bóyá nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí kò sì tíì kó èyí tó wà nínú káàdì kúrò. Súwíìṣì tó bá gbọ́ yóò fi dátà kọ̀ǹpútà yẹn sínú bọ́fà. Bó bá kún, yóò da ti kọ̀ǹpútà yẹn nù, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìdínà orí ìlà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí súwíìṣì fúnra rẹ̀ bá fi ìdádúró ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nítorí pọ́ọ̀tì kan tó kún. Àwọn súwíìṣì Sísíkò kan tó gbajúmọ̀ fún ọ́fíìsì, irú bíi `Catalyst 2960`, gbé e kalẹ̀ báyìí gan-an: wọ́n lè gbọ́ràn sí ìdádúró, àmọ́ wọn kì í fi í ránṣẹ́. Ó jẹ́ ìpinnu tí mo gbà pé ó bọ́gbọ́n mu fún nẹ́tíwọ̀kì tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò.

Láàárín súwíìṣì méjì, mo máa ń pa ìdádúró ní ìhà méjèèjì láìṣiyèméjì. Gbogbo ilẹ̀ kan nínú ilé lè wà lẹ́yìn wáyà kan ṣoṣo yẹn, kò sì sí bí pọ́ọ̀tì kan tó kún ní òkè kò ṣe ní kan àádọ́ta ènìyàn nísàlẹ̀. Ìdádúró a sì máa tàn kálẹ̀ sẹ́yìn: súwíìṣì tí a dá dúró, bọ́fà tirẹ̀ náà yóò kún, yóò sì dá àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró.

Èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni káàdì tó bàjẹ́. Lórí 1 Gb/s, níwọ̀n bí ìdádúró tó gùn jù ti jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 33.6, fíréèmù bí ọgbọ̀n péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti dá pọ́ọ̀tì kan dúró títí láé. Káàdì kọ̀ǹpútà tó dákú, tàbí ti ẹ̀rọ tó yẹ kó sùn tí kò sùn dáadáa, lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí pé káàdì náà ni ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹ̀rọ. Súwíìṣì yóò máa kó ohun tó yẹ kó lọ sí pọ́ọ̀tì náà jọ, títí kan àwọn ìkéde tó ń lọ sí gbogbo pọ́ọ̀tì. Bí súwíìṣì náà bá jẹ́ irú tó ń fi ìdádúró ránṣẹ́, tí gbogbo pọ́ọ̀tì sì jọ ń pín bọ́fà kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo àwọn tó kù dúró. Gbogbo nẹ́tíwọ̀kì yóò kú pátá, iná orí súwíìṣì yóò sì máa ṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé bí a bá yọ wáyà kan pàtó, gbogbo rẹ̀ yóò jí lójú ẹsẹ̀. Bí a bá tún un fi sí i, yóò tún kú láìpẹ́.

Ìdádúró ìpele-ìpele

PFC, tí ìlànà IEEE 802.1Qbb gbé kalẹ̀ ní 2011, gbìyànjú láti tú ìlà kan ṣoṣo yẹn sí mẹ́jọ. Àmì àṣẹ fíréèmù rẹ̀ ni `0x0101`, ó sì ní nọ́ńbà àkókò mẹ́jọ, ọ̀kan fún ìpele ìṣáájú kọ̀ọ̀kan. A lè dá ìpele tí dátà ìpamọ́ wà dúró, kí ìpele tí ohùn fóònù àti fáìlì òṣìṣẹ́ wà sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ń lo RoCE tàbí FCoE, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí sáfà fi ń gbé dátà ìrántí àti ti ìpamọ́ gba orí Ẹ́tánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sábà máa ń kọ́ sórí èrò pé fíréèmù kò gbọ́dọ̀ sọnù, ló nílò rẹ̀ jù.

Kò sí ìdí tí ọ́fíìsì tí a sọ lókè yóò fi rà á. Nínú ìpele kan náà, ìdínà orí ìlà ṣì wà bó ṣe wà: bí àpótí ìpamọ́ méjì bá wà ní ìpele kẹta tí ọ̀kan sì lọ́ra, yóò dí èkejì lọ́nà. Ìhà méjèèjì ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ gbà lórí ìpele tí kò gbọ́dọ̀ sọnù, gbogbo dátà sì gbọ́dọ̀ ní àmì ìpele tó tọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdádúró yóò bọ́ sórí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Ó tún ń béèrè àyè nínú bọ́fà. Láti ìgbà tí súwíìṣì bá ti pinnu pé kí ẹnìkejì dúró títí dátà yóò fi dúró ní tòótọ́, ohun tó wà lójú ọ̀nà yóò ṣì máa wọlé, a sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ó fi í sí. Lórí wáyà mítà 100 ní 10 Gb/s, àlọ àti àbọ̀ àmì gba máíkírósẹ́kọ́ǹdù kan, èyí tó jẹ́ báìtì 1250. Ká fi fíréèmù ńlá oní-báìtì 9000 kan kún un, tí súwíìṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ kí ìdádúró tó ráyè jáde, àti òmíràn tí ẹnìkejì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 KB fún ìpele kan lórí pọ́ọ̀tì kan, kí a tó ka àkókò tí káàdì fi ń dáhùn. Lórí ìsopọ̀ kìlómítà mẹ́wàá, ohun tó wà lójú wáyà nìkan yóò ti di 125 KB. Bí àyè yìí kò bá sí, fíréèmù yóò sọnù bí ìdádúró tilẹ̀ wà, a ó sì ru ìyà méjèèjì pọ̀.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀

Lórí sáfà Línúùsì, àṣẹ méjì tó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èkíní ń sọ bí ètò ṣe wà, èkejì ń ka iye fíréèmù ìdádúró:

```
ethtool -a eth0
ethtool -S eth0 | grep -iE 'pause|flow_control'
```

Orúkọ tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń lò yàtọ̀, àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ káàdì Íńtẹ̀lì a ó rí `rx_flow_control_xoff` àti `tx_flow_control_xoff`. Ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń darí ìpinnu. Bí `tx` bá ń gòkè, sáfà fúnra rẹ̀ ló ń bẹ súwíìṣì pé òun kò lè gbà mọ́. Ìṣòro náà wà nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe lórí nẹ́tíwọ̀kì, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ fi `ethtool -g eth0` wò bóyá àyè ìgbàwọlé káàdì kéré ju bó ṣe lè tó lọ. Bí `rx` bá ń gòkè, súwíìṣì ló ń dá sáfà dúró, ìdínà orí ìlà sì lè ti wà níbẹ̀.

Láti mọ̀ dájú, ẹ fi `iperf3 -s` sórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìyára láti sáfà sí kọ̀ǹpútà 1 Gb/s nìkan. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 940 Mb/s. Lẹ́yìn náà, ẹ tún wọn ọ́n nígbà tí sáfà bá ń fi dátà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà 100 Mb/s pẹ̀lú. Àdírẹ́sì tó wà níhìn-ín jẹ́ àpẹẹrẹ, èkíní jẹ́ ti kọ̀ǹpútà 100 Mb/s, èkejì jẹ́ ti kọ̀ǹpútà 1 Gb/s:

```
iperf3 -c 192.168.10.22 -t 60 -P 4 &
iperf3 -c 192.168.10.21 -t 30
```

Bí ìyára èkejì bá já wálẹ̀ gan-an, tí `rx_flow_control_xoff` sì ń gòkè lásìkò náà, ọ̀rọ̀ ti hàn. Bó bá já wálẹ̀ tí iye yẹn kò sì gòkè rárá, ìdádúró kọ́ ló fà á, pípa rẹ̀ kò sì ní tún un ṣe. Bó bá jẹ́ òun, àṣẹ yìí yóò mú kí sáfà yé gbọ́ràn, kó sì yé fi í ránṣẹ́:

```
ethtool -A eth0 autoneg off rx off tx off
```

Ó sàn kí a pa á lórí súwíìṣì náà bí súwíìṣì bá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí súwíìṣì bá ń fi ìdádúró ránṣẹ́ tí sáfà kò sì gbọ́, bọ́fà tí súwíìṣì rò pé òun ti dáàbò bò yóò ṣáà kún. Ẹ sì mọ̀ pé pípa á lórí pọ́ọ̀tì lè mú kí ìsopọ̀ náà já fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ìhà méjèèjì bá ń tún àdéhùn wọn ṣe, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán lórí sáfà tí ènìyàn ń lò lọ́wọ́.

Lẹ́yìn pípa á, ẹ tún ṣe ìdánwò kan náà. Kọ̀ǹpútà 1 Gb/s yóò sún mọ́ 850 Mb/s, ti 100 Mb/s yóò wà ní nǹkan bí 90 sókè díẹ̀, iye tí `iperf3` ń kọ sábẹ́ `Retr` fún ti 100 Mb/s yóò sì gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye `Retr` yìí dẹ́rù bà yín débi tí ẹ ó fi tún tàn án: ó jẹ́ àmì pé TCP ń rí ohun tó yẹ kó rí. Bí ìyára kọ̀ǹpútà 100 Mb/s bá wá lọ sí ìdajì ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀, bọ́fà súwíìṣì náà kéré jù fún ìtújáde sáfà, ohun tó kù ni kí a yọ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò lẹ́yìn fóònù, kí a fún un ní wáyà tirẹ̀.